Gíga ilé kì í ṣe ẹrù pọ́ǹpù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí páìpù omi tútù àti hẹ́ẹ̀dì pọ́ǹpù

Iṣẹ́ kan tí mo bá wọn tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màrínà, ní Erékùṣù Èkó, ló fa ojú ìwé yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù, ìbéèrè wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì fi ilé yẹn gan-an ṣe àpẹẹrẹ. Mo sọ àwọn nọ́ńbà kan di òdindi kó lè rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ fi kakulétọ̀ tẹ̀ lé mi.

Irú ilé wo ni, kí ni wọ́n sì gbé síbẹ̀?

Ilé ọ́fíìsì alájà márùn-ún ni. Ṣílà méjì, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, lórí kọnkéré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó ooru 300 kW. Àjà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ńlá kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lára kọ́ìlì omi tútù kó tó tì í gba òkè sílìn lọ sínú yàrá. AHU ni wọ́n ń kọ sí i lára dírọ́ìn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa sì ń pè é: AHU 1 lórí àjà kìíní, títí dé AHU 5 lókè pátápátá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè 120 kW. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 600 kW, èyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yóò pè ní nǹkan bíi 170 tọ́ọ̀nù. Omi ń kúrò lára ṣílà ní 7°C, ó sì yẹ kó padà síbẹ̀ ní 12°C.

Kí ló dé tí wọ́n fi pín omi sí ìyípo méjì? Ṣé pọ́ǹpù kan ò lè gbé e yí ká ni?

Ó lè gbé e. Ṣùgbọ́n ohun tí ṣílà fẹ́ àti ohun tí AHU fẹ́ kò bára mu. Ṣílà fẹ́ kí omi máa gba inú òun kọjá ní iye kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí omi bá dínkù jù, omi inú rẹ̀ lè fẹ́ di yìnyín, ẹ̀rọ ààbò rẹ̀ á sì pa á. AHU ní tirẹ̀ fẹ́ omi púpọ̀ ní aago méjì ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá kọjú sí gíláàsì, kò sì fẹ́ ju díẹ̀ lọ nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìdí nìyẹn tí ìyípo àkọ́kọ́ fi wà láàárín pọ́ǹpù rẹ̀ àti ṣílà nìkan, tí omi rẹ̀ kì í yí padà. Ìyípo kejì ní pọ́ǹpù tirẹ̀, òun ló ń gbé omi lọ sókè fún àwọn AHU, ó sì ń pọ̀ sí i tàbí dínkù bí fáàfù wọn bá ṣe ṣí. Páìpù kúkúrú kan ló so ìyípo méjèèjì pọ̀, láàárín páìpù tó ń lọ àti páìpù tó ń bọ̀. Afárá ni mo ń pe páìpù yẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, torí òun ló tú àṣírí iṣẹ́ Màrínà yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye omi tí AHU kọ̀ọ̀kan fẹ́?

Ooru ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ínṣì páìpù bẹ̀rẹ̀.

```
omi (l/s) = kW ÷ (4.19 × ìyàtọ̀ ìgbóná)
AHU kan:   120 ÷ (4.19 × 5) = 5.7 l/s
gbogbo ilé: 600 ÷ (4.19 × 5) = 28.6 l/s
```

Ìyàtọ̀ ìgbóná ni 12 tí a yọ 7 kúrò nínú rẹ̀. 4.19 ni iye kílójúùlù tí kílò omi kan ń gbà kó tó fi digíríì kan gbóná, lítà omi kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò kan. Kò sí ohun mìíràn nínú ẹ̀.

Bí ẹ bá lo digíríì 6 dípò 5, omi á dínkù sí 23.9 l/s, páìpù àti pọ́ǹpù á sì kéré sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kọ́ìlì tí wọ́n bá rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n yàn fún digíríì 6. Ẹ kò lè fi pẹ́ńsù yí i padà lórí ìwé nígbà tí kọ́ìlì ti dé Àpápá.

Páìpù ínṣì mélòó ni kí n lò?

Nǹkan méjì ni mo máa ń wò: bí omi ṣe ń sáré tó nínú páìpù, àti iye agbára tí páìpù ń jẹ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ASHRAE tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé fi ti agbára sí àárín 100 sí 400 Pa fún mítà kan. Èmi kì í fẹ́ kọjá 250, torí owó dísù la ó fi máa san án fún ogún ọdún, páìpù sì jẹ́ owó ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ẹ máa kó omi jọ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Páìpù tó wọ AHU 5 ń gbé 5.7 l/s. Nínú páìpù ínṣì mẹ́ta, omi yẹn ń sáré ní mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń jẹ 202 Pa ní mítà kan. Ó dára. Bí ẹ bá fẹ́ fi ínṣì méjì ààbọ̀ ṣe é, ó máa jẹ 597 Pa, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ínṣì ààbọ̀ péré tí ẹ fẹ́ jẹ lérè.

Ní àjà kẹrin, omi AHU méjì ti pàdé, ó di 11.5 l/s: ínṣì mẹ́rin, mítà 1.4, 192 Pa. Ní àjà kẹta, ó di 17.2 l/s. Ibí yìí ni ínṣì mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, torí ó ń jẹ 409 Pa ní mítà kan. Ẹ ní láti gbé e sókè. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gbogbo 28.6 l/s ti ń kọjá, ínṣì mẹ́fà ń jẹ 137 Pa, omi sì ń sáré ní mítà 1.5.

Láàárín ínṣì mẹ́rin àti ínṣì mẹ́fà, márùn-ún dà?

Ìwé ìṣirò fẹ́ràn ínṣì márùn-ún, ọjà ò fẹ́ràn ẹ̀. Ní àjà kẹta, 132 Pa péré ni ì bá máa jẹ, ó bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ẹ rìn dé Orílé kí ẹ ní kí wọ́n fún yín ní tíì, ìgbọ̀nwọ́ àti fáàfù ínṣì márùn-ún, kí ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Ẹ lè rí páìpù náà, kí ẹ wá fi oṣù kan wá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo fi ínṣì mẹ́fà ṣe é láti ilẹ̀ títí dé àjà kẹta, mítà 8 péré níbẹ̀ àti mítà 8 nísàlẹ̀ rẹ̀ ló sì kàn. Owó tó lé lórí rẹ̀ ò tó owó ìrìn àjò wíwá páìpù.

Nǹkan kan tún wà nípa ọjà. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí jẹ́ ti páìpù irin tí wọ́n ń pè ní sẹ́dúù 40. Páìpù ínṣì mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 77.9 nínú. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Ẹ mú kálípà lọ, kí ẹ wọn ẹnu páìpù àti nínípọn ògiri rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Báwo lẹ ṣe ń ṣírò hẹ́ẹ̀dì pọ́ǹpù ìyípo kejì?

Hẹ́ẹ̀dì ni agbára tí pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fi ti omi yí ká, mítà omi la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ máa tẹ̀ lé, èyí tó le jù lọ fún omi láti gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, AHU tó jìnnà jù ni. Ẹ má ṣe kó ohun tí gbogbo AHU márààrún ń jẹ pọ̀. Mo ti rí i lórí ìwé ẹnìkan rí: ó ro kọ́ìlì márùn-ún pọ̀ bíi pé omi ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Omi tó bá gba AHU 2 kọjá ti ń lọ sílé nìyẹn, kò mọ AHU 5 rí.

Ọ̀nà tiwa ni láti pọ́ǹpù lọ sí AHU 5, kí a sì padà sí pọ́ǹpù. Ẹ ka àlọ, ẹ ka àbọ̀. Ínṣì mẹ́fà láti ilé pọ́ǹpù dé àjà kìíní jẹ́ mítà 60 lápapọ̀, ó jẹ 8.2 kPa. Mítà 8 tó kàn jẹ 0.7, mítà 8 tó tẹ̀ lé e jẹ 0.4. Ínṣì mẹ́rin, mítà 8, jẹ 1.5. Ínṣì mẹ́ta láti àjà kẹrin sí AHU 5, tó wà ní ìgun ilé lọ́ọ̀ọ́kán, jẹ́ mítà 50, ó jẹ 10.1. Gbogbo páìpù nìyẹn, láì ka ìgbọ̀nwọ́ àti fáàfù: 20.9 kPa, ká pè é ní 21.

```
páìpù, àlọ àti àbọ̀             21.0 kPa
ìgbọ̀nwọ́, tíì, fáàfù títì (50%)  10.5
kọ́ìlì AHU 5                     25.0
fáàfù tẹmositáàtì               35.0
fáàfù ìdọ́gba                     5.0
asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù                   10.0
fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà     8.0
àpapọ̀                          114.5 kPa
114.5 ÷ 9.81 = 11.7 m
11.7 × 1.1   = 12.8 m
```

Pọ́ǹpù 28.6 l/s ní hẹ́ẹ̀dì mítà 13 la fẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: páìpù fúnra rẹ̀ ò tó ìdá márùn-ún lára ẹrù náà. Kọ́ìlì àti fáàfù tẹmositáàtì ló kó ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta lórí gígùn páìpù, tó wá fi ojú díwọ̀n fáàfù tẹmositáàtì, ibi tí owó wà gan-an ló fò kọjá. Ìwé ẹni tó ṣe kọ́ìlì àti ìwé ẹni tó ṣe fáàfù lẹ máa ti mú nọ́ńbà méjèèjì. Ìdajì tí mo fi kún un fún ìgbọ̀nwọ́ àti tíì jẹ́ àbá fún ìgbà tí dírọ́ìn ò tíì pé. Bó bá ti pé, ẹ ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

AHU 5 wà ní mítà 22 sókè. Níbo lẹ ti fi mítà 22 yẹn kún un?

Kò síbẹ̀. Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo wọn ń pè mí fún.

Ẹ wo ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri. Apá kan ń gòkè, apá kejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń yí i kò gbé ìwúwo ṣéènì sókè, torí pé bí èyí ṣe ń wúwo gòkè ni èyí tó ń bọ̀ nílẹ̀ ń fà á. Omi inú ìyípo tó dé pa bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mítà 22 omi tó wà nínú páìpù àlọ ń tì sísàlẹ̀, mítà 22 tó wà nínú páìpù àbọ̀ sì ń tì sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù fún pọ́ǹpù ni ìjàkadì pẹ̀lú ògiri páìpù, kọ́ìlì àti fáàfù.

Bó bá ń ṣe ẹnikẹ́ni bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí ó pa pọ́ǹpù náà, kí ó wo géèjì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Màrínà, nígbà tí a pa á, géèjì ẹnu ìfamọ́ra ka báà 2.9, géèjì ẹnu ìtajáde náà ka báà 2.9. Gíga ilé wà nínú méjèèjì. Pọ́ǹpù kò ní nǹkan kan láti gbé.

Kí ló wá dé tí pọ́ǹpù bóhó-ò fi ń gbé gíga ilé?

Torí pé omi kànga ẹ̀rọ tó ń lọ sínú táǹkì orí ilé kì í padà. Ó dé òkè, ó tú sínú afẹ́fẹ́, ó parí. Kò sí páìpù àbọ̀ tó máa ran pọ́ǹpù lọ́wọ́, gbogbo mítà tó gùn ni pọ́ǹpù fi èjìká rẹ̀ gbé. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe yìí ti ń wá. Èèyàn wa tó fi ọdún mẹ́wàá so pọ́ǹpù omi mímu mọ́ táǹkì ní Ṣúrúlérè àti Yábàá, àkọ́sórí rẹ̀ ni pé gíga ilé ni hẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ ni níbẹ̀. Bó bá gbé e wá sídìí omi tútù ló ń di wàhálà.

Ṣé gíga ilé ò wá já mọ́ nǹkan kan mọ́ ni?

Ó já mọ́ nǹkan fún ìkún omi àti fún agbára tí irin lè gbà, kì í ṣe fún hẹ́ẹ̀dì. Omi gbọ́dọ̀ kún dé òkè pátápátá kí ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ láti máa tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù lókè, AHU 5 á sì máa kígbe bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Mítà 22 jẹ́ nǹkan bíi báà 2.2. Ẹ fi báà 0.7 kún un fún òkè, ó di 2.9 nílẹ̀, ìyẹn náà ni géèjì kà lókè yìí. Táǹkì kékeré tí ń gba omi nígbà tó bá wú, ẹnu ìfamọ́ra pọ́ǹpù ni kí ẹ so ó mọ́, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n yẹn kí ẹ tó tú omi sínú páìpù.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Màrínà?

Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ dáadáa dé mítà 13, ó wá fi 22 lé e, ó ra pọ́ǹpù mítà 35. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọmọlúàbí èèyàn ni, ó sì bẹ̀ mí pé kí n wá wò ó.

Ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ń ráhùn lé lórí ni pé ọ́fíìsì ń móoru láti aago méjìlá ọ̀sán, ara ń lẹ̀ wọ́n, ìwé ń rọ̀ lórí tábìlì. Ṣílà méjèèjì ń ṣiṣẹ́, wọn ò kú. Ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀ ti pinnu pé ṣílà kẹta ni ilé nílò. Ìgbà tí mo dé, mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró fáàfù àjà kìíní láti orí àtẹ̀gùn: ó ń súfèé.

Mo fọwọ́ kan páìpù lẹ́yìn ṣílà, mo tún fọwọ́ kan án lẹ́yìn afárá. Ọwọ́ ò lè sọ digíríì kan, ni mo bá so tẹmómítà mọ́ méjèèjì, mo fi fóòmù bo orí wọn kí ooru ìta má bàa tan mí jẹ. Lẹ́yìn ṣílà, 7.0. Lẹ́yìn afárá, lójú ọ̀nà AHU, 8.4. Omi kan náà, mítà mẹ́ta péré ló rìn.

Ibi tí digíríì 1.4 ti wá nìyí. Pọ́ǹpù mítà 35 tí a gbé sórí ìyípo tí kò fẹ́ ju 12 lọ kì í dúró ní 28.6 l/s. Ó ń sáré lọ síwájú títí ohun tí páìpù ń jẹ á fi bá a dọ́gba, níbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 l/s. Ṣùgbọ́n 28.6 péré ni àwọn pọ́ǹpù ìyípo àkọ́kọ́ ń gba inú ṣílà kọjá. Níbo ni 11.4 tó kù ti máa wá? Láti inú páìpù àbọ̀, gba afárá, tí ó ń rìn sẹ́yìn. Omi 12°C tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ṣílà kó lọ tutù ló yí padà sókè láì tutù.

```
(28.6 × 7 + 11.4 × 12) ÷ 40 = 8.4°C
```

Omi 8.4 ò lè fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ Èkó bí omi 7 ṣe lè fà á. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń rọ̀. Bí yàrá ò bá tutù, tẹmositáàtì á ní kí fáàfù ṣí sí i, omi púpọ̀ sí i á fẹ́ gòkè, afárá á tún padà sẹ́yìn sí i. Ṣílà kẹta tí ọ̀gá yẹn fẹ́ rà yóò bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ ni, nítorí pọ́ǹpù tirẹ̀ á fi omi kún ìyípo àkọ́kọ́. Owó ṣílà kan láti fi bo pọ́ǹpù kan.

Báwo lẹ ṣe tún un ṣe?

A ò ra pọ́ǹpù tuntun. A so ẹ̀rọ tí ń dín eré mọ́tò kù mọ́ ọn. Lórí ìyípo kan náà, omi máa ń dínkù bí eré mọ́tò ṣe dínkù: 28.6 tí a bá fi 40 pín jẹ́ 0.715, 0.715 lọ́nà 50 Hz sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 36 Hz. A fi gbogbo fáàfù sílẹ̀ ní ṣíṣí, a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 50. Ní 36, tẹmómítà ẹ̀yìn afárá bọ́ sí 7.1, súfèé àjà kìíní sì dákẹ́. Iná tí pọ́ǹpù ń jẹ wálẹ̀ láti bíi 14 kW sí 5. Ọ̀gá jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìyẹn, kì í ṣe àwa.

Àwọn kan máa ń yàn láti há fáàfù ẹnu pọ́ǹpù. Omi á dínkù lóòótọ́, àmọ́ iná tí ẹ̀ ń sanwó rẹ̀ á ṣì máa jóná sí ẹnu fáàfù. Ẹlòmíràn á gé abẹ́ inú pọ́ǹpù. Ó dára tó bá jẹ́ díẹ̀ lẹ fẹ́ dín, ṣùgbọ́n láti 35 bọ́ sí 13 ti pọ̀ jù fún gígé.

Pọ́ǹpù ìyípo àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ìyẹn rọrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ṣílà kan, 14.3 l/s. Kò mọ AHU, kò mọ òkè ilé, inú ilé ẹ̀rọ nìkan ló ń yí. Ṣílà jẹ 45 kPa, mítà 20 páìpù ínṣì mẹ́rin jẹ nǹkan bíi 6, ìgbọ̀nwọ́ àti fáàfù jẹ 6 mìíràn torí pé ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ níbi tí páìpù kúrú sí, asẹ́ 10, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà 8. Ó di 75 kPa, mítà 7.6. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, mítà 8.4.

Báwo ni afárá ṣe yẹ kó tóbi tó? Ṣé a lè fi fáàfù sí i?

Afárá ò gbọdọ̀ jẹ agbára kankan tó ṣe é kà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pọ́ǹpù ìyípo kan á máa ti pọ́ǹpù ìyípo kejì. Mo fi ínṣì mẹ́fà ṣe é bíi ti páìpù ńlá tó ń lọ sókè, gígùn rẹ̀ ò ju mítà kan lọ. Bí gbogbo omi ilé tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, 0.14 kPa péré ló máa jẹ. Ẹ má ṣe kó tíì méjèèjì pọ̀ débi tí wọ́n ń fẹnu kanra. Ẹ fi ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta ìbú páìpù sí àárín wọn kí omi má bàa fi agbára eré rẹ̀ fò kọjá.

Fáàfù títì, rárá. Ní ilé kan, ẹnìkan fi sí i nítorí àtúnṣe, ẹlòmíràn sì tì í láì mọ̀, wọ́n fi oṣù mẹ́ta wá ohun tó ń ṣe ṣílà. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan sí i, ẹ fi tẹmómítà sí ojú ọ̀nà mẹ́rin tó yí i ká. Bí èyí tó ń lọ sókè bá ju èyí tó jáde lára ṣílà lọ, afárá ń rìn sẹ́yìn. Bí èyí tó wọ ṣílà bá tutù ju èyí tó ti ọ̀dọ̀ AHU bọ̀, ó ń rìn síwájú, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Níbo ni ká gbé ẹ̀rọ tí ń pàṣẹ eré pọ́ǹpù sí?

Kì í ṣe ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ gbé e sí AHU 5, láàárín páìpù àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, kí ó máa di ìyàtọ̀ 65 kPa mú níbẹ̀. Kọ́ìlì 25, fáàfù 35, fáàfù ìdọ́gba 5, ó parí.

Wọ́n á sọ fún yín pé bí omi bá dínkù sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, iná á dínkù sí ìdá kan nínú márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí, torí 65 yẹn kì í dínkù. 49.5 tó kù ló ń dínkù, ó di bíi 18, àpapọ̀ 83 kPa. Iná tí ẹ máa san sún mọ́ 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣì dára gan-an, àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ṣèlérí fún onílé.

Ṣé 10% tí ẹ fi kún un tó? Ọ̀gá mi ní ká fi 30% kún un kó lè bá wa lára mu.

Ó tó, bí ẹ bá ka ìgbọ̀nwọ́ dáadáa tí ẹ sì fi nọ́ńbà asẹ́ kún un. Ìṣòro 30% ni pé ẹni tó ya dírọ́ìn ti fi 15 kún un, ẹni tó ra ọjà á fi 20 lé e, ẹni tó ń ta pọ́ǹpù á sì mú èyí tó tóbi jù tó wà nílé ìtajà rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti fi kún un kí ẹ tó fi tiyín kún un.

Asẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jó páìpù pọ̀ tán, ìdọ̀tí irin àti iyanrìn máa ń kó sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kọ ìyàtọ̀ géèjì méjèèjì ti asẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ní Màrínà, a fi máákà kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù: 10. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀ máa ń pè mí bó bá ti di 20, mo sì máa ń ní kó ṣí i.